Òǹkà Mẹ́wàá Tó Gbẹ̀yìn: Bí Ìwé Nọ́ńbà Ẹgbẹ́ Ṣe Ń Di Káàdì Nínú Fóònù

Ká sọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan akọ̀wé tuntun fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan. Ohun tí akọ̀wé àná fà lé e lọ́wọ́ ni ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ti gbó, fọ́tò ojú ìwé mélòó kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, àti orúkọ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn tẹ̀ sínú gúrúùpù, oníkálukú bó ṣe wù ú. Ó fẹ́ kí nọ́ńbà gbogbo wọn wà nínú fóònù òun kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Bí wọn ò bá ju ogún lọ, ó lè jókòó kó máa tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá tó igba, àárẹ̀ á ti mú ojú rẹ̀ kó tó dé ìdajì, ibi tí ojú bá sì ti rẹ èèyàn ni òǹkà ti ń fò.

Fáìlì kan wà tí fóònù lè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí igba èèyàn á sì bọ́ sí àyè wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. vCard ni wọ́n ń pè é, orúkọ fáìlì náà sì máa ń parí sí `.vcf`. Ọ̀rọ̀ lásán tí ojú lè kà ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ẹ̀dà mẹ́ta ló wà nílẹ̀: 2.1 jáde ní 1996, 3.0 ní 1998, 4.0 ní 2011. Èmi 3.0 ni mo máa ń lò. Áńdíróòdù àti áífóònù ló ń kà á láìjanpata, ó sì ń gba ẹ, ọ àti ṣ wa bí a ṣe kọ wọ́n gan-an. Nínú 2.1, àfi kí èèyàn kọ́kọ́ sọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn di àmì tí ojú ò lè kà. Ní ti 4.0, kì í ṣe gbogbo fóònù ló gbọ́ ọ dáadáa.

Bí káàdì ẹnì kan ṣe rí nìyí:

```
BEGIN:VCARD
VERSION:3.0
N:Sàlákọ́;Fúnmi;;;
FN:Fúnmi Sàlákọ́
TEL;TYPE=CELL:+447700900123
END:VCARD
```

Ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà ìkẹyìn ló pa ẹni náà mọ́ sójú kan. Bí ìlà ìkẹyìn bá fò, fóònù ò ní mọ ibi tí ẹnì kan parí sí tí ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà `N` pín orúkọ sí yàrá márùn-ún, sẹmikólọ́nì ló sì dá yàrá kan yà sí òmíràn: orúkọ ìdílé, orúkọ ẹni náà gan-an, orúkọ àárín, oyè tó ń ṣáájú orúkọ, àti ohun tó ń tẹ̀ lé orúkọ. Yàrá tí kò bá sí ohunkóhun nínú rẹ̀, sẹmikólọ́nì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀. `FN` ni orúkọ náà lódindi, bí a ṣe fẹ́ kó hàn lójú fóònù. Fóònù kan máa ń wo `FN`, òmíràn máa ń to orúkọ jọ láti inú `N`, nítorí náà ẹ̀dà 3.0 fẹ́ kí méjèèjì wà, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ wọn bára mu. `TEL` ni nọ́ńbà.

Káàdì kíkọ ò le. Inú ìwé orúkọ tí a fẹ́ yọ káàdì láti inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà, òun ni mo sì fẹ́ ká jókòó tì. Ẹ wo ìlà márùn-ún yìí. Èmi ni mo hun orúkọ àti nọ́ńbà ibẹ̀ kí n má baà gbé fóònù ẹnikẹ́ni jáde, àmọ́ kò sí èyí tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ò tíì rí irú rẹ̀ rí nínú wọn:

```
Alh. Adebayo Sadiq 0800 000 0011 / 08000000012
Ìyá Ìbejì (aláṣọ) 8000000013
SÀLÁKỌ́ Fúnmi +44 7700 900123
Bọ́dà Kúnlé Àjàṣẹ́ 229 00000014
sadiq adebayo 2348000000011
```

Ìlà márùn-ún ni, èèyàn mẹ́rin ni. Alhaji fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi orúkọ ìdílé rẹ̀ ṣáájú nígbà kan, wọ́n fi kẹ́yìn nígbà kejì. Nọ́ńbà méjì wọ ìlà kan ṣoṣo. Òdo ti já kúrò níwájú nọ́ńbà Ìyá Ìbejì. Nọ́ńbà Bọ́dà Kúnlé tó wà ní Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti di ti àtijọ́. Bí a bá da èyí sínú fóònù bó ṣe wà, fóònù á gbà á, kò ní bínú. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ pe èèyàn la máa mọ̀.

Google Sheets ni mo máa ń kó irú rẹ̀ sí, torí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù náà bí kò bá sí kọ̀ǹpútà. Ìlà kan fún ẹnì kan. Kọ́lọ́ọ̀mù A fún orúkọ ìdílé, B fún orúkọ, C fún oyè, D fún nọ́ńbà, E fún nọ́ńbà kejì bó bá wà, F fún kóòdù orílẹ̀-èdè láìsí àmì ìròpọ̀ níwájú rẹ̀, G fún àkíyèsí. Ìlà kìíní á gba àkọlé, nítorí náà orúkọ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kejì.

Kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà kan ṣoṣo, ẹ yan kọ́lọ́ọ̀mù D àti E, kí ẹ lọ sí Format, Number, kí ẹ sì mú Plain text. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí. Bí ẹ ò bá ṣe é, Sheets á rò pé iye owó tàbí iye ọjà ni ẹ ń kọ, òdo tó ṣáájú iye owó ò sì wúlò fún un, á gé e dànù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni nọ́ńbà Ìyá Ìbejì ṣe di òǹkà mẹ́wàá. Ẹ̀yà kejì àìsàn yìí burú ju ìyẹn lọ. Nínú Excel, nọ́ńbà tó gùn tó òǹkà méjìlá máa ń sún kì, yóò hàn bíi `2.348E+12`. Bó bá jẹ́ fáìlì Excel gangan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ tẹ inú àpótí náà, nọ́ńbà á ṣì pé níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ti fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi CSV nígbà tó ṣì wà ní sísúnkì, òǹkà tó kù ti lọ pátápátá, kò sí ọgbọ́n kankan tó lè dá a padà. Ẹni tó bá rí `E+12` nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kó dúró, kó béèrè fún ojúlówó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Orúkọ ló kàn. Kò sí fọ́múlà tó lè sọ fún yín èwo ni orúkọ ìdílé nínú "Adebayo Sadiq". Ní ilẹ̀ wa, Òjó lè jẹ́ orúkọ àbísọ fún ẹnì kan, kó jẹ́ orúkọ ìdílé fún aládùúgbò rẹ̀. Adébáyọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Nígbà míràn ìwé fúnra rẹ̀ á ràn wá lọ́wọ́: ẹni tó kọ "SÀLÁKỌ́ Fúnmi" fi lẹ́tà ńlá kọ orúkọ ìdílé, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú rẹ́jísítà ilé ìwé. Níbi tí ìwé bá ti dákẹ́, ẹni tó mọ èèyàn náà la máa bi. Ibí yìí nìkan ni mo gbà pé kò sí ọ̀nà àbùjá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí orúkọ èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń fi àbá kọ.

Oyè ní yàrá tirẹ̀. Bí "Alh." bá wọ inú yàrá orúkọ, gbogbo Alhaji inú ẹgbẹ́ á péjọ sábẹ́ lẹ́tà A, èèyàn á máa yí ojú fóònù lọ sókè sódò kó tó rí Sadiq. Nítorí náà C ni kó wà, kí ẹ sì yan ọ̀nà kan ṣoṣo láti kọ ọ́, bí ẹnì kan bá jẹ́ "Alh.", tí èkejì jẹ́ "Alhaji", àwárí fóònù ò ní kó wọn jọ.

Bọ́dà ò rí bẹ́ẹ̀. Alhaji ń bá ẹni tó jẹ́ ẹ lọ síbi gbogbo, ṣùgbọ́n Bọ́dà wà láàárín èèyàn méjì péré: ẹni tí ẹ̀yin ń pè ní Bọ́dà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ń pè é ní Kúnlé. Bó bá jẹ́ fóònù yín nìkan ni fáìlì yìí ń lọ, ẹ fi Bọ́dà sí C, kí ọ̀wọ̀ wà ní àyè rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé alága àti akápò náà máa gbà á, ẹ yọ ọ́, kí oníkálukú fi bó ṣe ń pe èèyàn kún un lẹ́yìn náà. Àjàṣẹ́ tó tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀ kì í ṣe orúkọ ìdílé, ìlú tó ń gbé ni. G ló ni ín. Ní ti Ìyá Ìbejì, bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ orúkọ ìdílé rẹ̀, ẹ fi A sílẹ̀ lófo, kí "Ìyá Ìbejì" wà ní B, kí "aláṣọ" lọ sí G. Ìlà `N` rẹ̀ á wá jẹ́ `N:;Ìyá Ìbejì;;;`, fóònù á sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, nọ́ńbà. Ẹ wo nọ́ńbà Alhaji ní ibi méjì tó ti fara hàn. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, ó ní àlàfo láàárín. Èkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 234. Ẹlòmíràn ì bá kọ ọ́ láìsí òdo, ẹlòmíràn ì bá kọ 2340 papọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò yí padà nínú gbogbo ìṣe yìí ni òǹkà mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn: `8000000011`. Òun ni nọ́ńbà fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà. Gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀, ọ̀nà tí a ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Nọ́ńbà alágbèéká ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà jẹ́ òǹkà mẹ́wàá lẹ́yìn 44, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ mẹ́wàá lẹ́yìn 1. Bí a bá ti di òǹkà mẹ́wàá yẹn mú, tí a fi àmì ìròpọ̀ àti kóòdù orílẹ̀-èdè síwájú rẹ̀, nọ́ńbà náà á ṣeé pè láti ibikíbi láyé, Wọ́sáàpù náà á sì dá ẹni náà mọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó tẹ nọ́ńbà Nàìjíríà pẹ̀lú òdo níwájú ò ní dé ibì kankan.

Ẹ kọ́kọ́ gé gbogbo ohun tí kì í ṣe òǹkà kúrò. Nínú H2, ẹ tẹ:

```
=REGEXREPLACE(D2,"[^0-9]","")
```

Èyí á mú àlàfo, àmì ìdè àti àmì ìròpọ̀ kúrò, á sì mú ohun míràn kúrò tí ojú ò rí. Nọ́ńbà tí a bá kọ́pì láti inú fóònù tàbí láti ojú Wọ́sáàpù máa ń gbé àwọn àmì kan tí kì í hàn dání nígbà míràn. Nọ́ńbà méjì á jọra bí ìbejì lójú yín, Sheets á ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Fọ́múlà yìí á lé wọn dànù. Bó bá jẹ́ fọ́múlà fúnra rẹ̀ ló hàn nínú àpótí dípò èsì, a jẹ́ pé ẹ ti sọ kọ́lọ́ọ̀mù H náà di Plain text; ẹ dá a padà sí Automatic, kí ẹ sì tún un tẹ̀.

Kí ẹ tó gé òǹkà mẹ́wàá jáde, ẹ ka gígùn rẹ̀ pẹ̀lú `=LEN(H2)`. Mẹ́wàá ní Nàìjíríà túmọ̀ sí pé òdo ti já. Mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo pé. Mẹ́tàlá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 234 pé, mẹ́rìnlá sì ní 234 àti òdo papọ̀. Gbogbo wọn ló ṣeé gé. Èyí tó jẹ́ méjìlá, tí kì í sì ṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú 44, ẹnì kan ti tẹ òǹkà kan ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí kó ti fo ọ̀kan. Bí ẹ bá gé e láìwo gígùn rẹ̀, ẹ óò ní òǹkà mẹ́wàá tó dára lójú, àṣìṣe á sì ti fara pamọ́ sínú rẹ̀ títí ayé. Ẹ fi àwọ̀ pupa sí ìlà náà, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Nọ́ńbà Bọ́dà Kúnlé ló ń tan akọ̀wé jẹ jù. `22900000014`: òǹkà mọ́kànlá ni, ó jọ nọ́ńbà Nàìjíríà tó pé. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo. 229 ni kóòdù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òǹkà mẹ́jọ tó kù sì ni nọ́ńbà náà bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Bẹ̀nẹ̀ sọ nọ́ńbà rẹ̀ di òǹkà mẹ́wàá nípa fífi 01 síwájú gbogbo wọn. Nítorí náà ìwé yòówù tí wọ́n kọ ṣáájú ìgbà náà, nọ́ńbà Àjàṣẹ́, Kútọnu àti Kétu tó wà nínú rẹ̀ fẹ́ àtúnṣe. Bí ẹ bá fi fọ́múlà gé òǹkà mẹ́wàá lára èyí láìtún un ṣe, apá kan kóòdù orílẹ̀-èdè á wọnú nọ́ńbà náà, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ lọ sí D, ẹ pa 229 rẹ́, ẹ fi 01 síwájú òǹkà mẹ́jọ náà kó di `0100000014`, kí ẹ sì kọ 229 sí F. Ẹ kíyè sí i pé òdo yìí kì í já: ní Nàìjíríà a máa ń yọ òdo kí a tó fi 234 síwájú, ṣùgbọ́n ní Bẹ̀nẹ̀, 01 jẹ́ ara nọ́ńbà náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn láti máa yọ òdo á yọ tibí náà, á sì ba nọ́ńbà jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, fọ́múlà kan náà á ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn. Nínú I2:

```
="+"&F2&RIGHT(H2,10)
```

Bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe fún nọ́ńbà kejì: J2 á fọ E2 mọ́ bí H2 ti fọ D2, K2 á sì tò ó, àmọ́ kí K2 máa dákẹ́ níbi tí nọ́ńbà kejì ò bá sí:

```
=IF(E2="","","+"&F2&RIGHT(J2,10))
```

Ní báyìí tí gbogbo nọ́ńbà ti wà ní ìmúra kan náà, ẹ to ìwé náà lẹ́sẹẹsẹ nípa kọ́lọ́ọ̀mù I. Àwọn tó fara hàn lẹ́ẹ̀mejì á dúró ti ara wọn. Ìlà Alhaji méjèèjì á pàdé níbẹ̀ nítorí `+2348000000011`, ẹ ó sì pa ọ̀kan rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé nọ́ńbà kejì rẹ̀ wà ní E lórí ìlà tó kù. Nọ́ńbà kan náà lábẹ́ orúkọ méjì kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹnì kan ṣá o. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló ń fi fóònù ọmọ wọn gba ìpè. Bí káàdì méjì bá ní nọ́ńbà kan náà, fóònù ò lè mọ ẹni tó ń pè, ọ̀kan nínú orúkọ méjèèjì lẹ máa rí. Mo máa ń fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sórí káàdì ẹni tó ni fóònù, kí n sì kọ sí àkíyèsí rẹ̀ pé ibẹ̀ la ti ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Fọ́múlà tó ń kọ káàdì ló kù. Ẹ fi sí L2, kí ẹ fà á wálẹ̀ títí dé ìlà ìkẹyìn:

```
="BEGIN:VCARD"&CHAR(10)&"VERSION:3.0"&CHAR(10)
&"N:"&A2&";"&B2&";;"&C2&";"&CHAR(10)
&"FN:"&TRIM(C2&" "&B2&" "&A2)&CHAR(10)
&"TEL;TYPE=CELL:"&I2&CHAR(10)
&IF(K2="","","TEL;TYPE=CELL:"&K2&CHAR(10))
&IF(G2="","","NOTE:"&G2&CHAR(10))
&"END:VCARD"
```

Iṣẹ́ `CHAR(10)` ni láti sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà tuntun. `TRIM` ń gé àlàfo tó bá ṣẹ́ kù níbi tí oyè tàbí orúkọ ìdílé ò sí. Níbi tí nọ́ńbà kejì tàbí àkíyèsí bá ṣófo, `IF` ò ní kọ ìlà wọn rárá. Bí kọ́mà bá wà nínú àkíyèsí, ẹ kọ ọ́ ní `\,`, bí sẹmikólọ́nì bá wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní `\;`. Ẹ má jẹ́ kí sẹmikólọ́nì kankan wọ inú orúkọ, torí á ti orúkọ náà sínú yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tó jáde fún Alhaji, lẹ́yìn tí akọ̀wé ti fi àmì sí orúkọ rẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́, nìyí:

```
BEGIN:VCARD
VERSION:3.0
N:Adébáyọ̀;Sadiq;;Alh.;
FN:Alh. Sadiq Adébáyọ̀
TEL;TYPE=CELL:+2348000000011
TEL;TYPE=CELL:+2348000000012
END:VCARD
```

Ẹ kọ́pì àwọn àpótí káàdì inú L, láìmú àkọlé, kí ẹ sì lẹ̀ wọ́n sínú Notepad lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ óò rí ohun kan tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: àmì `"` ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí káàdì kọ̀ọ̀kan. Sheets ló fi wọ́n sí i, torí pé ìlà púpọ̀ wà nínú àpótí kan. Fóònù tó bá rí `"BEGIN:VCARD` ò ní mọ̀ pé káàdì ni. Ẹ lo Replace láti fi òfìfo rọ́pò gbogbo `"` náà.

Ọ̀nà tí a ń gbà fi fáìlì yìí pamọ́ ló ń pinnu bóyá ẹ, ọ àti ṣ á dé fóònù láàyè. Ẹ mú Save as, ẹ yan All files kí orúkọ má baà di `egbe.vcf.txt`, kí ẹ sì yan UTF-8 níbi tí wọ́n kọ Encoding sí. Bí orúkọ bá dé fóònù tó ti dà rú, ìrísí rẹ̀ á sọ ibi tí ó ti bàjẹ́. Bí ẹ bá rí `?` níbi tó yẹ kí ẹ wà, ANSI ni wọ́n fi pa á mọ́. Lẹ́tà náà ti kú sínú fáìlì, ẹ padà sí Sheets kí ẹ kọ́pì rẹ̀ lákọ̀tun. Bó bá jẹ́ `áº¹` lẹ rí dípò ẹ, tàbí `á¹£` dípò ṣ, lẹ́tà wà láàyè nínú fáìlì, ẹni tó kà á ló ṣì í kà. Ẹ ṣí fáìlì náà bíi UTF-8, kí ẹ sì tún un fi pamọ́ bẹ́ẹ̀. Notepad tún ní UTF-8 with BOM. Ẹ má mú ìyẹn, torí ó ń fi àmì tí kò hàn síwájú ìlà àkọ́kọ́. Bí gbogbo ènìyàn bá wọlé, tí ẹni àkọ́kọ́ nìkan ṣoṣo ò sí níbẹ̀, ohun tó fà á nìyẹn.

Ẹ má tíì kó igba èèyàn wọlé. Ẹ ṣe fáìlì kékeré kan tó ní káàdì mẹ́ta: ẹni tí orúkọ rẹ̀ ní àmì, ẹni tó ní nọ́ńbà méjì, àti ẹni tó ń gbé lókè òkun. Lórí Áńdíróòdù, ẹ ṣí i pẹ̀lú Google Contacts. Á béèrè inú àkáǹtì wo ni kó kó wọn sí. Ẹ yan àkáǹtì Google yín, ẹ má yan SIM, torí SIM kì í gba ohun púpọ̀ ju orúkọ àti nọ́ńbà lọ. Lórí áífóònù, ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ara yín nípasẹ̀ í-meèlì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, á sì fún yín láyè láti fi gbogbo wọn kún un. Ẹ wo orúkọ náà, ẹ fi àwárí wá a, ẹ pe ọ̀kan nínú wọn. Bó bá dára, ẹ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́ kí wọ́n má baà di méjì-méjì, kí ẹ wá kó fáìlì ńlá wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka wọ́n. Iye `BEGIN:VCARD` tó wà nínú fáìlì gbọ́dọ̀ bá iye ìlà inú Sheets mu, kó sì bá iye tí fóònù ní òun gbà mu. Ẹni tó bá lè rí kọ̀ǹpútà lò, mo gbà á nímọ̀ràn pé kó gba ojú `contacts.google.com` kó wọn wọlé. Níbẹ̀, Google máa ń fi lébẹ́ẹ̀lì tó ní ọjọ́ ìkówọlé sára gbogbo wọn, èèyàn sì lè yan àwọn nìkan kó pa wọ́n rẹ́ bí nǹkan bá yí. Undo changes náà wà níbẹ̀, tó lè dá ìwé nọ́ńbà yín padà sí bó ṣe wà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ẹ fi kún un lẹ́yìn àkókò tí ẹ padà sí á bá a lọ.

Nǹkan méjì ni mo ní í sọ nípa nọ́ńbà àwọn ẹlòmíràn tó wà lọ́wọ́ yín. Àwọn ojú òpó kan wà tó ní kí ẹ gbé ìwé orúkọ yín wá káwọn sọ ọ́ di `.vcf`. Ẹ má gbé e fún wọn. Ohun tí fọ́múlà kan ń ṣe lórí àkáǹtì yín, kò yẹ kí ẹ fi nọ́ńbà igba èèyàn san owó rẹ̀, Nàìjíríà sì ti ní òfin tó dáàbò bo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2023. Èkejì ni ìlà `NOTE`. Ohunkóhun tí ẹ bá kọ sí G ń bá káàdì lọ sí fóònù gbogbo ẹni tí ẹ bá fi fáìlì náà fún. Mo ti rí ìwé ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ "ó jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta" sí ibi àkíyèsí. Ìwé akápò ló ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé inú Sheets yẹn ni kí ẹ mú ní ojúlówó láti ìgbà yìí lọ. Bí ẹnì kan bá pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ tún un ṣe níbẹ̀ kí ẹ tó tún un ṣe nínú fóònù. Àmọ́ ẹ má ṣe kó gbogbo fáìlì náà wọlé lẹ́ẹ̀kejì nítorí ẹnì kan: káàdì ò ní mọ̀ pé òun ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà tuntun á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, fóònù á sì ní káàdì méjì fún èèyàn kan. Ẹ kọ́pì káàdì àwọn tó yí padà nìkan láti inú L, kí ẹ pa ti àtijọ́ wọn rẹ́ nínú fóònù, kí ẹ sì fi tuntun náà nìkan ṣọwọ́ sí alága àti akápò.